Lẹ́sìnnì ìṣirò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: Bí olùkọ́ ṣe lè mọ iye tó yẹ kó gbà, ibi tó yẹ kó ti kọ́ wọn, àti bí yóò ṣe kọ́ wọn

Ní oṣù Kẹta, ọdún 2020, tí ìjọba ti gbogbo iléèwé pa nítorí àrùn Kòrónà, ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ilẹ̀ yìí kọ́kọ́ gbé fóònù lé orí tábìlì láti kọ́ ọmọ tí kò sí níwájú wọn. Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹjọ, ọdún náà ni wọ́n tó ní kí àwọn ọmọ SS3 padà sí kíláàsì, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kan náà, ìdánwò WAEC ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí olùkọ́ rẹ̀ kò kọ́ ní nǹkan kan láàárín oṣù mẹ́rin yẹn, àtúnkà tí kò pé ọ̀sẹ̀ méjì ló ní kó tó wọlé ìdánwò. Láti ìgbà náà ni lẹ́sìnnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì kò ti jẹ́ ohun àjèjì mọ́, tó sì ti di iṣẹ́ tí àwọn olùkọ́ kan fi ń jẹun.

Àmọ́ iṣẹ́ tó ní ọgbọ́n tirẹ̀ ni. Bí olùkọ́ kò bá mọ ọgbọ́n náà, ní ìparí oṣù ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé dátà àti epo jẹnẹrétọ̀ ló kó owó tí òun gbà lọ. Ọmọ pàápàá yóò pàdánù, nítorí ẹni tó fẹ́ wọ yunifásítì gbọ́dọ̀ ní C6, ó kéré tán, nínú ìṣirò fún ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, oṣù mẹ́ta tó bá fi jókòó síwájú fóònù tí ọ̀rọ̀ ń já kò sì ní padà wá mọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká mú olùkọ́ ìṣirò kan tó wà ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ, tó fẹ́ kọ́ ọmọ SS3 márùn-ún lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ká sì bá a ṣírò gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Dátà ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ rò

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ibi tí wọn yóò ti kọ́ àwọn ọmọ, bóyá Zoom ni tàbí Google Meet. Ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Iye dátà tí ọmọ lè rà ni yóò sọ bí ẹ̀kọ́ náà yóò ṣe rí, nítorí fóònù ìyá tàbí ti bàbá ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ń lò, àwọn òbí ló sì ń ra dátà rẹ̀.

Nínú ìtọ́ni tí ilé-iṣẹ́ Zoom ṣe fún àwọn oníbàárà wọn, fídíò tó dára láàárín ẹni méjì ń gba kílóbíìtì 600 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ní àlọ, ó sì tún ń gba 600 mìíràn ní àbọ̀. Ohùn lásán kò ju 60 sí 80 lọ. Bí olùkọ́ bá sì kàn ń fi ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ han àwọn ọmọ, tí ojú ẹnikẹ́ni kò hàn, 50 sí 75 ni.

Ẹ jẹ́ ká yí èyí padà sí ohun tí a lè fi ra nǹkan. Kílóbíìtì 1,200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ní ìlọ́po 3,600 tí í ṣe iye ìṣẹ́jú àáyá tó wà nínú wákàtí kan, tí a bá pín in sí 8, yóò fún wa ní mẹ́gábáìtì 540. Iye tí fídíò àlọ àti àbọ̀ ń jẹ láàárín wákàtí kan nìyẹn. Tí a bá pa kámẹ́rà, tó ku ohùn àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú ojú kọ̀ǹpútà olùkọ́ nìkan, ìṣirò kan náà yóò gbé wa dé nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 106. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ jẹ́ ìlọ́po márùn-ún. Bí a bá sọ pé gígábáìtì kan jẹ́ N500, ẹ̀kọ́ mẹ́jọ lóṣù pẹ̀lú kámẹ́rà yóò ná ọmọ kan ní nǹkan bíi N2,160, àmọ́ láìsí kámẹ́rà kò ní ju N424 lọ. Kí ẹ fi iye tí dátà jẹ́ ní àdúgbò yín rọ́pò N500 yẹn, pàápàá bí ìjọba ṣe gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn ní oṣù Kìíní, ọdún 2025.

Ẹ̀kọ́ tí ìṣirò yìí kọ́ wa ni pé kí gbogbo ọmọ ṣí kámẹ́rà fún ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, kí olùkọ́ lè rí i pé àwọn gan-an ló wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n pa á. Èyí tó bá ku, ohùn àti ìwé tó hàn lójú fóònù yóò tó o.

Ibi tí ẹ ó ti pàdé

Zoom ọ̀fẹ́ máa ń já lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40. Tẹ́lẹ̀, olùkọ́ àti ọmọ kan ṣoṣo lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n láti oṣù Karùn-ún, ọdún 2022 ni òfin ìṣẹ́jú 40 ti kan àwọn náà. Google Meet ọ̀fẹ́ ń fún ẹni mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú 60, bó bá sì jẹ́ ẹni méjì péré ni, wọ́n lè lò ó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. WhatsApp rọrùn ní tirẹ̀, nítorí ó ti wà lórí fóònù gbogbo òbí, láti ọdún 2023 ló sì ti ṣeé ṣe láti fi ojú fóònù ẹni han àwọn tó wà lórí ìpè. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kò lè darí ìpè WhatsApp bó ṣe lè darí ìpàdé Zoom tàbí Google Meet.

Fún olùkọ́ wa yìí tó ní ọmọ márùn-ún, tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì jẹ́ ìṣẹ́jú 50, Google Meet ló bá a mu. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣẹ́kù fún ọmọ tó bá pẹ́ dé, kò sì san kọ́bọ̀. WhatsApp náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: ibẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò máa fi fọ́tò iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí. Bó bá jẹ́ pé olùkọ́ fẹ́ gba ohùn ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ fún ọmọ tí iná kò jẹ́ kó wá, Google Meet ọ̀fẹ́ kò ní gbà fún un. Zoom ọ̀fẹ́ gbà á, àmọ́ orí kọ̀ǹpútà nìkan, kì í ṣe orí fóònù.

Àwọn ìkànnì mìíràn wà tó ń bá olùkọ́ wá akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n sì ń mú nínú owó rẹ̀. Preply jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọdún 2024, gbogbo owó ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, tiwọn ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń mú, yóò sì máa dín kù bí wákàtí tí olùkọ́ ti ṣiṣẹ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i, títí yóò fi di 18. Olùkọ́ tó bá béèrè dọ́là mẹ́wàá yóò kọ́kọ́ máa rí dọ́là mẹ́fà àti sẹ́ǹtì 70. Ẹni tí kò mọ òbí kankan lókè òkun lè fara mọ́ ọn. Ẹni tí àwọn òbí àdúgbò rẹ̀ ti mọ̀, tó sì ń kọ́ ọmọ WAEC, kò nílò rẹ̀.

Bí ìṣẹ́jú àádọ́ta ṣe ń lọ

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀kọ́ kan tó sábà máa ń da àwọn ọmọ rú: béárìn, ìyẹn igun tí a ń wọ̀n láti àríwá, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, láti fi mọ apá ibi tí nǹkan wà. Ìbéèrè náà lọ báyìí: ọkùnrin kan rin kìlómítà 6 sí àríwá láti ilé rẹ̀, ó wá yà, ó rin kìlómítà 8 sí ìlà-oòrùn. Báwo ló ṣe jìnnà sílé tó, kí sì ni béárìn ibi tó wà láti ilé rẹ̀?

Kí olùkọ́ tó wọlé, yóò ti kọ ìdáhùn náà sí ojú-ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún lórí kọ̀ǹpútà, ìgbésẹ̀ kan sí ojú-ewé kan, kí ìlà ọ̀rọ̀ má ju mẹ́fà lọ, kí lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi. Ìdí ni pé ojú fóònù tí ọmọ fi ń wò ó kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ tí kò mira kì í jẹ dátà, fídíò ló ń jẹ ẹ́.

Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìkíni, orúkọ pípè àti iṣẹ́ tí wọ́n gbé lọ sílé. Mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e ni olùkọ́ yóò fi ṣe àpẹẹrẹ náà. Àwòrán nìkan ló gbọ́dọ̀ yà níṣojú wọn, nítorí bí ọmọ kò bá rí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà àríwá, kò lè mọ igun tí a ń wọ̀n. Fún ìyẹn, yóò to ìwé ńlá sí ọ̀tún àti òsì, yóò gbé fóònù dábùú wọn kí kámẹ́rà ẹ̀yìn máa wo ìsàlẹ̀, yóò tẹ́ bébà funfun sábẹ́ rẹ̀, yóò sì fi máákà dúdú yàwòrán. Kí iná wà ní iwájú tàbí ní ẹ̀gbẹ́, nítorí bó bá wà lẹ́yìn, òjìji ọwọ́ ni yóò bo iṣẹ́ náà. Bó bá ti yà á tán, kó pa kámẹ́rà yẹn, kó padà sí ojú-ewé tó ti kọ sílẹ̀. Kìlómítà 10 ni ìjìnnà, igun náà sì wá láti inú èyí:

```
tan θ = 8 / 6
θ = 53.13°
béárìn = 053°
```

Ìṣẹ́jú 18 tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti àwọn ọmọ, òun sì ni ọkàn ẹ̀kọ́ náà. Olùkọ́ yóò fún wọn ní ìbéèrè tó jọ ọ́, yóò sì dákẹ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò ṣe é sínú ìwé, yóò ya fọ́tò rẹ̀, yóò fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ nìkan lórí WhatsApp, kì í ṣe sí ojú gbogbo ẹgbẹ́. Bó bá jẹ́ ojú gbogbo wọn ni, ẹni àkọ́kọ́ yóò ṣe é, àwọn mẹ́rin yòókù yóò kọ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ìṣẹ́jú 12 ni ti àtúnṣe. Nínú fọ́tò márùn-ún náà ni olùkọ́ yóò ti rí ibi tí ẹsẹ̀ ti yẹ̀. Ọmọ tó kọ 53° dípò 053° mọ iṣẹ́, ó kàn gbàgbé pé nọ́ńbà mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ irú béárìn yìí. Ọmọ tó kọ 037° fi 6 sórí 8, ìlà-oòrùn ló ti wọ̀n ọ́n dípò àríwá. Ọmọ tó kọ 233° dáhùn ìbéèrè mìíràn: béárìn ilé láti ibi tí ọkùnrin náà wà ló wá. Àṣìṣe mẹ́ta nìyí, oògùn wọn kò sì jọra. Olùkọ́ tó kàn béèrè pé “Ṣé ó yé yín?” kò lè mọ èyí kankan nínú wọn, nítorí “Bẹ́ẹ̀ ni, sà” ni gbogbo wọn yóò sọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó kù jẹ́ ti iṣẹ́ àmúrelé, ó sì dára kó wá láti inú ìbéèrè WAEC àtijọ́, kí ọmọ lè mọ bí wọ́n ṣe máa ń béèrè é.

Àwọn àmì kan wà tí olùkọ́ fi lè mọ̀ pé nǹkan ti ń bàjẹ́. Bí ohùn bá ń ké padà, ẹ̀rọ méjì ló wà nínú yàrá kan náà tí ohùn àwọn méjèèjì sì ṣí: kó pa ẹnu àti etí ọ̀kan. Bí ọmọ kan bá dákẹ́ lójijì lẹ́yìn tó ti ń dáhùn, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan pe fóònù ìyá rẹ̀, nítorí náà kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i. Bí fọ́tò ọmọ kan kò bá tíì dé fún ẹ̀kọ́ méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ṣe é, ọmọ náà kò sí níbẹ̀, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ ń hàn. Ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ni kí wọ́n pè lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe ní ìparí oṣù.

Iye tó yẹ kí olùkọ́ gbà

Ní báyìí tí a ti rí iṣẹ́ náà, a lè wá ṣírò owó rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé olùkọ́ máa ń ka wákàtí ẹ̀kọ́ nìkan. Ẹ̀kọ́ wákàtí kan ní ìṣẹ́jú 45 tí ó fi pèsè ojú-ewé sílẹ̀, ìṣẹ́jú 30 tó fi yẹ iṣẹ́ ọmọ márùn-ún wò, àti ìṣẹ́jú 15 tó fi ń dá àwọn òbí lóhùn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí méjì àtààbọ̀. Ẹ̀kọ́ mẹ́jọ lóṣù, wákàtí 20 nìyẹn. Bó bá gbà pé wákàtí òun tó N2,500, N50,000 ni owó iṣẹ́ rẹ̀.

Kó wá fi ìnáwó kún un. Dátà gígábáìtì márùn-ún, N2,500. Bó bá jẹ́ pé iná máa ń lọ nínú mẹ́rin nínú ẹ̀kọ́ mẹ́jọ náà, tí jẹnẹrétọ̀ kékeré sì ń jẹ lítà kan àtààbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, lítà mẹ́fà ni. Bí lítà kan bá jẹ́ N1,000, N6,000 nìyẹn. Kó fi N3,500 sílẹ̀ fún bébà, máákà àti àtúnṣe fóònù. Àpapọ̀ ìnáwó jẹ́ N12,000, gbogbo rẹ̀ sì wá di N62,000.

Ọ̀pọ̀ yóò pín in sí márùn-ún, wọ́n ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan san N12,400. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí òbí kan bá yọ ọmọ rẹ̀ ní àárín sáà, tàbí tí kò tètè sanwó, N12,400 ti já nínú owó náà, ìnáwó kò sì dín kù. Ọ̀nà tó dára jù ni kó pín in bí ẹni pé ọmọ mẹ́rin péré ló ní: N15,500 fún ọmọ kan lóṣù. Bí àwọn márààrún bá san pé, N15,500 tó lé ni kó fi pamọ́ fún oṣù ìsinmi, tí òbí kan kì í sanwó nínú rẹ̀. Kí ẹni tó bá ń ka èyí fi iye tirẹ̀ rọ́pò gbogbo wọn, ọ̀nà ìṣirò náà ni kó dì mú.

Kó tó di pé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ni kí olùkọ́ kọ àdéhùn mẹ́ta ránṣẹ́ sí òbí: pé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni owó ń wọlé, pé bí iná tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì olùkọ́ bá ba ẹ̀kọ́ jẹ́, yóò tún un ṣe, pé bí ọmọ kò bá wá tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ ṣáájú, kò sí àtúnṣe. Ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, ìjà ló máa ń dà. Bí òbí bá ní ó wọ́n, kí olùkọ́ má tètè já owó náà. Ẹ̀kọ́ kan lọ́sẹ̀ ni kó fi lọ̀ wọ́n dípò méjì, nítorí ìyẹn ń dín iṣẹ́ náà kù pẹ̀lú owó.

Ààbò ọmọ, àti àwọn tó wà lókè òkun

Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ilẹ̀ wa ti ọdún 2003, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ṣì jẹ́ ọmọdé, òfin ààbò ìsọfúnni tó jáde ní ọdún 2023 sì béèrè fún ìyọ̀ǹda òbí kí wọ́n tó lo ìsọfúnni rẹ̀. Nítorí náà, kí olùkọ́ gba ìyọ̀ǹda tí wọ́n kọ sílẹ̀ kó tó gba ohùn tàbí àwòrán ẹ̀kọ́ kankan pamọ́. Kí ọmọ jókòó sí pálọ̀, kì í ṣe inú yàrá tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Kí nọ́ńbà òbí wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp náà. Olùkọ́ pàápàá ni èyí ń dáàbò bò, nítorí kò ní sí ọ̀rọ̀ kan tó sọ tí ẹlòmíràn kò gbọ́.

Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹni ní ìlú Òyìnbó bá fẹ́ dara pọ̀, kí ẹ rántí pé aago wọn máa ń yí. Láti ìparí oṣù Kẹta sí ìparí oṣù Kẹwàá, aago Lọ́ńdọ́nù àti ti Èkó jẹ́ ọ̀kan náà. Nínú oṣù tó kù, tiwa fi wákàtí kan ṣáájú tiwọn, nítorí náà ẹ̀kọ́ aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ níbẹ̀ di aago mẹ́fà níbí. Bákan náà, GCSE ni wọ́n ń ṣe, kì í ṣe WAEC. Olùkọ́ ní láti wá orúkọ ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìdánwò iléèwé ọmọ náà kó tó gba owó, nítorí ìbéèrè wọn yàtọ̀ síra.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí olùkọ́ fún gbogbo àwọn ọmọ ní ìbéèrè onídàáhùn-yíyàn 20 látinú ìwé àtijọ́, kó kọ iye tí kálukú gbà sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kó fún wọn ní 20 mìíràn tó bá a dọ́gba, kó sì fi iye méjèèjì ránṣẹ́ sí òbí. Bí ọmọ bá ti 8 bọ́ sí 12, òbí mọ ohun tí owó rẹ̀ rà. Bó bá ṣì wà lórí 8, ọ̀nà ìkọ́ni ni kí olùkọ́ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kó wo fọ́tò iṣẹ́ ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí inú wọn ni àṣìṣe tó ń tún ara rẹ̀ ṣe wà.